Bàjáájì àlòkù tí mo fẹ́ tún ṣe: bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó rà á

Sátidé, Mọ́níyà

Mo ń wá ọ̀kadà Bàjáájì àlòkù tí màá máa tún ṣe díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ lè ti ṣí, sàlẹ́ńsà rẹ̀ lè ti dípẹtà, ìyẹn ò kàn mí. Ṣaṣí àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ni mi ò fẹ́ kó ti bàjẹ́, torí agbára mi ò ká ìyẹn ní àgbàlá ilé.

Èyí tí mo bá ní Mọ́níyà ń dán. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti kùn ún ní dúdú, wọ́n sì ti tan án kí n tó dé: mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, ó gbóná. Mo bẹ ẹni tó ni ín pé kí a ṣí ìjókòó, kí a sì gbé táńkì kúrò. Lábẹ́ táńkì, lẹ́yìn ọrùn tí áńdù wọ̀ sí, ọ̀dà nípọn ju ti ibi tó kù lọ. Mo fi èékánná họ ọ́, ojú wẹ́dì ló yọ, ó rí gbágungbàgun. Wẹ́dì ilé iṣẹ́ máa ń tò lọ geere, ti ọ̀tún a sì bá ti òsì mu. Èyí wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Kí n má baà fi ẹ̀sùn èké kàn án, mo na okùn tín-ín-rín láti ara táyà ẹ̀yìn wá síwájú, ní ọ̀tún àti ní òsì. Táyà iwájú Bàjáájì tín-ín-rín ju ti ẹ̀yìn lọ, torí náà àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti okùn, kí ó sì dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ti ọ̀tún gba ìka méjì. Ní òsì, okùn ń ha táyà. Mo wo àmì tí wọ́n fi ń tò ṣéènì, torí táyà ẹ̀yìn tó wọ́ lè fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì méjèèjì dọ́gba. Máṣíìnì yìí ti forí sọ nǹkan rí. Mo dúpẹ́, mo sì wá ọ̀nà ilé.

Ọjọ́bọ̀, Ọ̀yọ́

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni èyí. Mo ti bẹ̀ wọ́n lórí fóònù pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì tan án kí n tó dé." Wọ́n gbọ́. Mo bá a pẹ̀lú eruku rẹ̀, ẹ́ńjìnì tutù. Táńkì tún kúrò, okùn tún jáde: kò sí wẹ́dì kankan yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́, àlàfo sì dọ́gba.

Kíìkì ẹlẹ́ẹ̀kejì ló gbé e. Èéfín aró díẹ̀ jáde, ó sì mọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Síìlì fáàfù nìyẹn, kò le. Èéfín aró tó bá ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń fún un níná, ríǹgì àti sílíńdà ló ti jẹ.

Ariwo ló gba àkókò wa jù. Tá-tá-tá kan ń dún lókè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀gá mekáníìkì tí mo mú dání fi ẹnu sukurudíréfà gígùn kan ti ẹ́ńjìnì, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ ti egungun etí wọn. Lókè, níbi tápẹ́ẹ̀tì, ó dún ketekete. Nísàlẹ̀, kò sí. Wọ́n ní kí n gbọ́ ọ fúnra mi. "Tápẹ́ẹ̀tì la máa ń tò," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n tó bá ń kù gbọ̀-gbọ̀ nísàlẹ̀ nígbà tó o bá já a níná lójijì, kọ́nrọ́ọ̀dù ni, má rà á." Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ọ́ìlì wò láàárín ìka, torí àwọn kan máa ń da ọ́ìlì gíà tó ki sí i kí ariwo lè rọlẹ̀. Èyí ò ki jù.

Eruku tó di ẹrẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì fi ibi tó ń jò hàn wá. A fi bẹntiróòlù nù ún, a tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀kán mẹ́ta ló kán, gbogbo rẹ̀ lẹ́bàá ìrin ṣéènì iwájú. A tan tọ́ọ̀ṣì wá bóyá ilé ẹ́ńjìnì ló là, tàbí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Síìlì ló ti gan. Bàbá yọ owó díẹ̀ kúrò nítorí rẹ̀.

Ìwé ló dá wa dúró. Nọ́ńbà ara ọrùn ṣaṣí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MD2 bí ti Bàjáájì, ó bá ìwé mu, kò sì sí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì họ ọ́. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì náà bá a mu. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí Bàbá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣì wà lórí ìwé. Rìsíìtì ọwọ́ wọn nìkan ò tó mi, torí orúkọ Bàbá kọ́ ni ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì mọ̀. Mo ní mi ò tíì ní sanwó. Bàbá ò bínú, wọ́n pe ẹni náà lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ajé

Ẹni tí Bàbá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wo orúkọ orí ìwé, ó jọra. Ó fọwọ́ sí ìwé pé òun tà á fún Bàbá, Bàbá fọwọ́ sí i pé àwọn tà á fún mi, a kọ nọ́ńbà méjèèjì sí rìsíìtì, mo sì sanwó. Ìwé tó bá kù, n ó ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Ní Sátidé, ìrin ṣéènì ni màá kọ́kọ́ tú, kí n lè yọ síìlì tó gan yẹn.