Ohùn gígùn kan ló dí gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ́nà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka gbólóhùn Yorùbá sínú fóònù fún owó mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, a ó gba iṣẹ́ púpọ̀ sínú áàpù lẹ́ẹ̀kan náà. A ó ka wọ́n nígbà tí kò bá sí, àwọn ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ yóò sì tò sínú fóònù títí ọ̀nà yóò fi là. Ohun tí wọn kì í tẹnu mọ́ ni pé ńṣe ni wọ́n yá wa ní àwọn iṣẹ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, wákàtí 48 ni gbèdéke, aago sáfà ni ó sì ń kà á. Bí ó bá pé kí ohùn tó dé, iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ pé a ti parí rẹ̀ tipẹ́.

Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nínú yàrá mi ní Adìgbẹ, Abẹ́òkúta, gbogbo iṣẹ́ mi ni ó ti parí, gbogbo wọn ni ó sì kọ `Pending`. Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dáadáa lókè fóònù, ṣùgbọ́n bí fóònù ṣe ń gbọ́ òpó ni àmì yẹn ń sọ, kò sọ bóyá dátà ń kọjá. Ohùn àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí lọ, yóò rìn kọjá ìdajì, ọ̀nà yóò já, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Mo jókòó tì í, mò ń wo aago, gbèdéke ń sún mọ́lé, iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò sì dín ní ẹyọ kan. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé síìmù mìíràn ni kí n lò, síìmù méjì ni mo ní, mo sì gbìyànjú méjèèjì.)

Alámòójútó wa kọ ọ́ sí Wásáàpù pé, "Ẹ tẹ `Clear data`, kí ẹ tún wọlé, yóò ṣiṣẹ́." Mo kọ̀. `Clear cache` kì í sábà pa iṣẹ́ lára, ṣùgbọ́n `Clear data` máa ń nu ohun gbogbo tí áàpù fi pamọ́ sínú ara rẹ̀, àti ohùn tí kò tíì lọ. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sì parẹ́.

Ibi tí mo ti rí ìdí rẹ̀ ni `Settings`, níbi tí a ti ń wo iye dátà tí áàpù kọ̀ọ̀kan jẹ. Gbogbo ohùn mi kò tó 30 mẹ́gábáìtì, ṣùgbọ́n áàpù náà ti jẹ ju 100 lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, láìsí ẹyọ kan tó dé. Àmì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kàn ń falẹ̀, dátà kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀; tí ó bá jẹ ju ìwọ̀n iṣẹ́ yín lọ, a jẹ́ pé ohùn kan ni ó ń tún bẹ̀rẹ̀ léraléra.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. WAV olóhùn kan tí a gbà ní 48 kHz, bíìtì 16, ń gba kìlóbáìtì 96 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbólóhùn ìṣẹ́jú-àáyá 5 jẹ́ 480 kìlóbáìtì. Lórí ọ̀nà tó ń gbé 20 kìlóbáìtì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 24. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ láti inú ara mi fún ìṣẹ́jú kan, láìka gbólóhùn kankan, súnmọ́ mẹ́gábáìtì 6, ó sì nílò bí ìṣẹ́jú 5 láì já. Ní àdúgbò wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ lálẹ́. Kò lè dé láéláé. Òun ni mo sì kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, nítorí náà ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbé bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó gbé àwo lẹ́yìn rẹ̀ kò sì rí àyè kọjá.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo lọ sí Kútọ̀, ohùn gígùn náà kọjá, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e kíákíá. Sáfà kò gba àwọn tí gbèdéke wọn ti kọjá, wọn kò sì san owó wọn.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ olóhùn gígùn ni mo máa ń kà kẹ́yìn, níbi tí ọ̀nà ti dúró, mo sì máa ń rán an kí n tó gba òmíràn. Mo yọ áàpù náà kúrò lára àwọn tí fóònù ń dá dúró láti tọ́jú bátìrì, nítorí wọn kì í ránṣẹ́ bí ojú fóònù bá ti kú. Bí áàpù tiyín bá ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, tí ó sì ń bá a lọ láti ibi tí ó ti já, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ wo dátà tó jẹ ní `Settings`, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ tiyín.