Ohun Tó Wà Nínú Fáìlì: Bí A Ṣe Ń Dáhùn Tí Báǹkì Tàbí Ẹ́ḿbásì Bá Béèrè Nípa Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìwé kan wà tí yóò máa dé orí tábìlì yín lemọ́lemọ́. Báǹkì yóò ní kí ẹ jẹ́rìí sí i pé lágbájá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín nítorí pé ó fẹ́ yá owó, tàbí kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní kí ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ́ḿbásì nítorí físà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń dáhùn irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn níbí. Òun ló kọ́ mi láti ya ohun tí mo mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo rò, àti kúrò lára ohun rere tí mo ń fẹ́ fún ẹni tó dúró níwájú mi.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, bọ̀dá kan tó wà ní sítọ̀ọ̀ wa fẹ́ yá owó láti fi parí ilé tó ń kọ́ sí Àpáta. Kí fọ́ọ̀mù báǹkì tó dé ni ọkùnrin kan ti kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù, tó ní báǹkì ni òun ti ń pè, pé kí n kàn sọ fún òun bóyá bọ̀dá yìí wà lọ́dọ̀ wa àti iye tó ń gbà. N kò dá a lóhùn lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo ní kí ó fi ìwé ránṣẹ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí òfin yẹn tó dé pàápàá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ka owó oṣù ọmọnìkejì lórí fóònù fún ẹni tí kò rí lójú. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, ohun tí mo kọ́kọ́ wá ni ibi tí bọ̀dá ti fọwọ́ sí i pé òun yọ̀ǹda kí a sọ̀rọ̀ nípa owó òun. Lẹ́yìn náà ni mo pe ẹ̀ka báǹkì náà ní Dùgbẹ̀, lórí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tiwa, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè nípa ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ló wà nínú fáìlì: ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, àti ọjọ́ tí a fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mo ti ṣe àṣìṣe yìí rí fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ kejì ni mo kọ, ti àkọ́kọ́ sì wà lórí ìwé owó oṣù rẹ̀, ni báǹkì bá dá fọ́ọ̀mù padà bí ẹni pé a ń parọ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ méjèèjì, mo sì máa ń sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ni ó mú bọ̀dá wá jókòó sí iwájú mi. Fọ́ọ̀mù béèrè iye tó ń wọ àpò rẹ̀ lóṣù. Àpapọ̀ owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦220,000. Owó ìfẹ̀yìntì tí a ń yọ jẹ́ ₦17,600, èyí tó jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún bí òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ṣe là á kalẹ̀, owó orí jẹ́ ₦21,170, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ń gba ₦45,000. Ohun tó kù jẹ́ ₦136,230. Bọ̀dá rọra sún àga mọ́ tábìlì, ó ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, owó alájẹṣẹ́kù kì í ṣe owó ìjọba. Owó tèmi náà ni. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò, kí ẹ kọ ₦181,230." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe é kọ̀ tán, nítorí òótọ́ ni pé apá kan nínú owó yẹn jẹ́ ìfipamọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè tó ti yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ohun tí báǹkì sì fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Mo máa kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀yin náà ẹ ṣàlàyé ti alájẹṣẹ́kù fún wọn." Mo kọ àpapọ̀, mo kọ ohun tí a ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ohun tó kù, mo sì fi kún un pé ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni. Báǹkì yá a ní owó tó kéré sí èyí tó béèrè. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi fún bí oṣù kan.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn lórí fọ́ọ̀mù náà ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí: ṣé òṣìṣẹ́ yìí yóò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí yóò fi san owó tán? Ta ló mọ̀? Mo kọ pé a kò lè sọ èyí, pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí nínú ìwé àdéhùn, àti pé ọgọ́ta ọdún ni ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ní iléeṣẹ́ wa. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbólóhùn kan wà pé iléeṣẹ́ yóò máa san owó oṣù rẹ̀ sí báǹkì náà, yóò sì fi tó wọn létí bí ó bá fẹ́ kúrò. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, ìlérí ni. Ó ń so iléeṣẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà kì í ṣe irú àwa ni ó yẹ kó fọwọ́ sí i. Mo gbé e lọ fún máníjà àgbà pẹ̀lú àwọn ará ìṣirò owó, kí àwọn tí yóò mú ìlérí ṣẹ ṣe ìpinnu.

Bí òṣìṣẹ́ bá ti kọ̀wé pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Tí ẹ bá kàn kọ pé "ó wà lẹ́nu iṣẹ́," kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á yóò ṣìnà. Ẹ kọ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ tí a kọ ìwé náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò parí. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ó lè fa ìbéèrè rẹ̀ padà bí ó bá fẹ́.

Ti físà kò yàtọ̀ púpọ̀. Orúkọ bó ṣe wà nínú páàsì, ipò, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, owó oṣù bí ó bá fẹ́ kí a kọ ọ́, àti ọjọ́ ìsinmi tí a fọwọ́ sí àti ọjọ́ tó yẹ kí ó wọlé sẹ́nu iṣẹ́. "Yóò padà dájúdájú" kò sí lára ohun tí a mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ fún ẹnìkan tí mo fẹ́ràn, kò sì padà títí di òní. Ẹ má sì ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ipò rẹ̀ ga nínú lẹ́tà. Ní ìlú Ọba, ẹni tí wọ́n bá ká ẹ̀tàn mọ́ lọ́wọ́ nínú ìwé físà lè fi ọdún mẹ́wàá wà lábẹ́ ìfòfindè.

Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, nítorí ẹ́ḿbásì lè pè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ẹ bá wà ní ìsinmi, ẹlòmíràn ni yóò sì gbé fóònù.