Ọdún Tí Mo Fi Iṣẹ́ Olùkọ́ Sílẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tí ojú mi rí lọ́dún yìí, ohun kan ṣoṣo ni mo lè sọ: mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì bọ́ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Iléṣà. Àwọn oṣù yòókù ti dàpọ̀ mọ́ra wọn lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Òun ló tọ́ mi sọ́nà, n kò sì lè dúpẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, nítorí àwọn olùkọ́ tó wà láàárín yín ń béèrè bí mo ṣe ṣe é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kọ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni pé àwọn ní sùúrù, àwọn sì mọ ènìyàn bá lò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò rí ohun tí yóò dì mú níbẹ̀. Ó ní kí n mú ìkéde iṣẹ́ náà, kí n wo ojúṣe tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí n sì wá ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi ṣe nílé ìwé tó bá a mu. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni yíyẹ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wò.

Lọ́dọọdún ni àwọn agùnbánirọ̀ ń wá sílé ìwé wa, abẹ́ mi sì ni àwọn tó bá wà lẹ́ka wa máa ń wà. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ni ní ìṣirò, ariwo kíláàsì rẹ̀ sì ń dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì náà, mo sì kọ kìkì ohun tí ojú mi rí: ó kọjú sí pátákó fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó wà níwájú nìkan ló ń bi ní ìbéèrè, àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì rí nǹkan ṣe. N kò kọ ọ́ pé kò mọ iṣẹ́. Nígbà tí a jókòó, mo jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, a wá fẹnu kò lórí ohun méjì: kí ìbéèrè kan ti wà lójú pátákó kí àwọn ọmọ tó jókòó, kí ó sì máa pe orúkọ láti inú rẹ́jísítà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ. Ariwo náà ti rọlẹ̀, iṣẹ́ sì ti wà nínú ìwé àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn.

Bí mo ṣe sọ ọ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gan-an nìyẹn: ohun tó wà nílẹ̀, ojúṣe mi, ohun tí mo ṣe, àti àbájáde rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni mo fi àkókò tó pọ̀ jù lọ sọ, “mo” ni mo sì ń lò, kì í ṣe “a”, nítorí wọ́n fẹ́ mọ èyí tó tọwọ́ mi wá.

Wọ́n bi mí ìdí tí mo fi ń kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn owó oṣù, tí ìtàn rẹ̀ yóò sì di ti ẹni tó ń sá fún nǹkan. Èmi sọ pé kíkọ́ ọmọdé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Pé nígbà tí wọ́n fi àwọn olùkọ́ tuntun sábẹ́ mi, mo rí i pé bí àgbàlagbà ṣe ń gbèrú lẹ́nu iṣẹ́ ni ọkàn mi fà sí jù. Àti pé iṣẹ́ tí mo wá yìí ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ilé ìwé kò kọ́ mi pọ̀, mo sì sọ ọ́ fún wọn láìfi bò. Àwọn òfin iṣẹ́ yìí wà lára rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ sì dá 8, ó kéré tán. Òfin iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ gba àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé mo ti ń kàwé fún ìdánwò CIPM, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, wọ́n sì béèrè ibi tí mo kà á dé.

Bàbá mi, tí òun náà fi iṣẹ́ olùkọ́ tọ́ wa, kò dúró rí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ náà. Màámi ní ká ní ó wà ni, ohun tí ì bá kọ́kọ́ béèrè ni bóyá iṣẹ́ tuntun yìí ní họlidé gígùn. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ń bọ̀ lóṣù kìn-ín-ní. Mo ti kọ ètò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀, lọ́jọ́ dé ọjọ́, bí mo ṣe máa ń kọ ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́, ó sì wà lórí tábìlì ọ̀gá mi báyìí. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, òun la ó lò.