Bí mo ṣe ń fi ọjà wéra nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán láìpurọ́ mọ́ ọjà ẹlòmíràn

Nínú iṣẹ́ kíkọ ọ̀rọ̀ ìpolówó sábẹ́ àwòrán ọjà tí mo ń ṣe, kò sí ibi tí irọ́ ti tètè máa ń yọ́ wọlé tó ibi tí a bá ti fi ọjà wa wé ti ẹlòmíràn. Ẹni tó ń tajà lè má gbèrò àtipurọ́ rárá. Ohun tó fojú ara rẹ̀ rí ló ń sọ, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tó fún un ni kò tọ̀nà. Páwà báńkì kan ló jẹ́ kí èyí yé mi yékéyéké.

Oníbàárà mi kan ń ta páwà báńkì tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára, ẹlòmíràn sì ń ta irú rẹ̀ ní owó tó kéré sí i. Oníbàárà mi ra ọ̀kan lára tiwọn, ó fi mítà USB wọn iná tó jáde nínú rẹ̀, mítà náà sì dúró sórí 12,000 mAh. Lójú ẹsẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ pé ayédèrú ni ọjà wọn, nítorí pé òun kò rí 8,000 tó kù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ fi mítà kan náà wọn tiwa. Tiwa dúró sórí 12,600.

Iye tí wọ́n sábà máa ń kọ sára páwà báńkì jẹ́ ti bátìrì inú rẹ̀, tó wà ní nǹkan bíi fóòtì 3.7, nígbà tó jẹ́ pé fóòtì 5 ni ihò USB rẹ̀ fi ń gbé iná jáde. Bí a bá ṣírò 20,000 mAh ti fóòtì 3.7 sí ti fóòtì 5, 14,800 ni yóò jẹ́ kódà bí nǹkan kan kò bá ṣòfò, bẹ́ẹ̀ sì ni díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣòfò nípa ooru. Kò sí ayédèrú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ká ní a ti kọ ọ́ síta ni, ẹnikẹ́ni tó bá ní mítà ìbá fi ẹ̀sùn kan náà kan àwa fúnra wa.

Ó wá ní kí a kọ ọ́ pé, bí a bá wo iná tó ń jáde, tiwa gan-an ló pọ́kù. A ṣírò rẹ̀. Bí a bá pe owó tiwọn ní 100, tiwa jẹ́ 110. Fún 1,000 mAh kọ̀ọ̀kan tó jáde, tiwọn jẹ́ nǹkan bíi 8.33, tiwa sì jẹ́ 8.73. Tiwa ṣì wọ́n jù, nítorí náà gbólóhùn yẹn kò ṣeé kọ.

Ohun tó kù tí a lè fi yangàn ni gàráńtì: oṣù 12 ni tiwa, oṣù 6 ni wọ́n kọ sára páálí tiwọn. Níbí pàápàá, ó yẹ kí a ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé gàráńtì tó kúrú kò fi hàn pé ọjà náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Ohun tó fi hàn kò ju ìgbà tí olùtajà gbà láti dáhùn fún un lọ. Bí a kò bá tíì lo méjèèjì títí tí wọ́n fi bàjẹ́, a kò gbọ́dọ̀ sọ èyí tó máa pẹ́ jù.

Lẹ́yìn tí a ti wọn ẹyọ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹyọ kan ṣoṣo má baà ṣì wá lọ́nà, ohun tí mo kọ nìyí, pẹ̀lú orúkọ ọjà wọn gan-an lókè rẹ̀, iye owó méjèèjì, àti ọjọ́ tí a rí iye owó náà:

«20,000 mAh ni a kọ sára méjèèjì. Nígbà tí a wọn ẹyọ mẹ́ta lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fóòtì 5 àti ámpù 2, tiwa gbé nǹkan bíi 12,600 mAh jáde, tiwọn sì gbé nǹkan bíi 12,000. Tiwọn kò wọ́n tó tiwa, ó sì fi gíráàmù 40 fúyẹ́ jù ú lọ. Gàráńtì tiwa jẹ́ oṣù 12, tiwọn jẹ́ oṣù 6 gẹ́gẹ́ bí páálí rẹ̀ ti wí.»

Oníbàárà mi kò fẹ́ kí gbólóhùn nípa ìfúyẹ́ wà níbẹ̀. Èmi rọ̀ ọ́ pé kó fi sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá gbé méjèèjì lọ́wọ́ yóò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa àwọn nọ́ńbà yòókù. Ìlànà ìpolówó tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2006 pàápàá gba àfiwé láyè, bí àwọn ọjà náà bá wà fún ohun kan náà, tí ohun tí a fi ń wé wọn sì jẹ́ èyí tí ènìyàn lè yẹ̀ wò.

Mo máa ń tọ́jú àwòrán páálí, rìsíìtì àti ojú mítà pọ̀ síbì kan, n kì í sì í kọ «gbogbo ọjà yòókù» nígbà tó jẹ́ ọjà kan ṣoṣo ni a yẹ̀ wò. Bí iye owó wọn bá yí padà, mo máa ń yọ ìlà tó sọ nípa owó kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.