Imú ọmọ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, àṣé ibi tí mo fún kọ́ ló yẹ kí n fún

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́sẹ̀ yẹn ní Ṣúrúlérè, ètè gbogbo wa ń là, ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 sì ti ń fi ìka họ inú imú ẹ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́ta torí gbogbo inú ẹ̀ ti gbẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù ni ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú ihò imú kan. Mo ní kó gbórí sókè, mo fún egungun imú ẹ̀ lókè níbi tó sún mọ́ ojú, ìyá kan nínú kọ́mpáwùn wa tún da omi tútù sí i lórí. Ẹ̀jẹ̀ ò dá o, ọ̀fun ẹ̀ ló ń gbà sọ̀kalẹ̀, kò pẹ́ ọmọ bì, ẹ̀jẹ̀ dúdú ló bì, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Àǹtí nọ́ọ̀sì tó ń gbé òkè wa ló sáré wá. "Mọ́mì, ẹ fi orí ọmọ yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ síwájú!" Wọ́n ní kó jókòó, kó máa fẹnu mí, kó tu ẹ̀jẹ̀ tó bá dé ẹnu ẹ̀ dànù, torí èyí tó bá gbé mì ló ń jẹ́ kó bì. Wọ́n wá fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ nísàlẹ̀ imú, ihò méjèèjì pa pọ̀, wọ́n ní kí n fi fóònù ka ìṣẹ́jú 10. Ní ìṣẹ́jú kẹrin mo fẹ́ kí wọ́n ṣí i wò, wọ́n kọ̀.

Wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ara ògiri tó pín ihò imú méjèèjì, níwájú nísàlẹ̀, ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ti pàdé, awọ tó bò wọ́n sì tinrín. Tó bá gbẹ á là, èékánná á wá kàn án, ibẹ̀ náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ imú ti ń wá. Téèyàn bá fún ibi tó rọ̀, ojú ọgbẹ́ yẹn gan-an ló ń tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ráyè dì, á dí i. Egungun tí mo fún kì í tẹ̀, kò sì kan ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ rárá. Téèyàn bá sì ń ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, èyí tó ti ń dì á tún já.

Tí ìṣẹ́jú 10 bá pé tí ò dá, ẹ tún fún un fún 10 míì. Tó bá ṣì ń dà lẹ́yìn ìyẹn, ọsibítù ni, ẹ má dúró. Tó bá jẹ́ pé ṣe lèèyàn ṣubú tó forí gbá nǹkan, tàbí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ya lọ́fun bẹ́ ẹ ṣe ń fún un, ẹ tètè gbé e lọ, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn imú lọ́hùn-ún ló ti ń wá, ìka ò sì lè débẹ̀.

Mo gé èékánná ẹ̀, mi ò jẹ́ kó fọn imú lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń fi fasilíìnì díẹ̀ ra ẹnu ihò imú ẹ̀ lálaalẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó tún dà lẹ́ẹ̀kan, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó ti jókòó, ó ti tẹ̀ síwájú, ó ti di imú ẹ̀ mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi wo aago."