Ta ló kun gíráàfù?

Iná ò sí n'Ílọrin lálẹ́ ọjọ́ náà, ebi sì ń pa mí. Wàrà díndín wà nínú abọ́, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi wà lórí tábìlì, àtùpà wà láàárín. Ọwọ́ òsì ò ṣeé fi jẹun, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún kan náà ni mo fi ń jẹ wàrà, tí mo tún fi ń mú báírò pupa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè náà ò le. Aláṣọ òfì kan ń hun ìpèlé (x) àti fìlà (y). Kò lè hun ju 8 lọ lọ́sẹ̀, ìyẹn x + y ≤ 8. Ìpèlé kan ń jẹ ìdì òwú 2, fìlà ń jẹ 1, ìdì 10 péré ló sì ní: 2x + y ≤ 10. Èrè ìpèlé jẹ́ ₦3,000, ti fìlà ₦2,000. Báwo ni yóò ṣe hun ún tí èrè á fi pọ̀ jù?

Mo dé orí ìwé ọmọkùnrin kan. Ìlà méjèèjì gún régé, wọ́n pàdé ní (2, 6), ṣùgbọ́n gbogbo ojú gíráàfù ló ṣókùnkùn! Mo kọ ọ́ gàdàgbà: “Níbo lo wá fi sílẹ̀ fún aláṣọ òfì?” Mo fún un ní òdo, mo ṣí ìwé tó kàn.

Lọ́jọ́ kejì ló wá bá mi. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tí a ò fẹ́ ni mo kùn. Mo fi (0, 0) dán an wò: 0 ò ju 8, kò ju 10. Ọ̀dọ̀ òdo ni ibi tó dáa wà, mo sì fi í sílẹ̀ ní funfun.”

Kò jẹ̀bi. Àwọn kan ń kun ibi tí wọ́n fẹ́, àwọn mìíràn ń kun ibi tí wọn ò fẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà ti sọ èyí tó ṣe. Ó sì ti kọ R sí àárín ibi tó fi sílẹ̀. Mo gbé ìwé sókè sí oòrùn. Ibi tó kùn ní ipa pẹ́ńsù, ó dí dúdú. Ọ̀dọ̀ R ò ní ipa kankan, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bíi gíláàsì. Òróró wàrà mi ló mú un ṣókùnkùn lálẹ́!

Ká ní mo ti wo àwọn igun tó dán wò nísàlẹ̀ ni, ìtìjú kì bá tí bá mi. (0, 0) mú òdo wá, (5, 0) mú ₦15,000, (0, 8) mú ₦16,000, (2, 6) mú ₦18,000. Ẹni tó bá ṣi ibi mú ì bá sáré lọ sí (8, 0), kí ₦24,000 wọ̀ ọ́ lójú. Bẹ́ẹ̀, ìpèlé 8 á jẹ ìdì òwú 16. Ta ni yóò yá a ní 6?

Mo fa òdo yẹn rẹ́, mo dá gbogbo máàkì rẹ̀ padà. Ọmọ náà gba ìwé, ó gbé e símú, ó rẹ́rìn-ín.

“Sà, ó jọ pé wàrà ìyá mi lẹ rà.”