Agolo mílíìkì Màámi

Sátidé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Mànṣẹ́sítà fi fọ́tò ọ̀lẹ̀lẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀. Ó sè é fún wákàtí kan àbọ̀, àárín rẹ̀ ṣì ń ṣàn bí ògì. "Àǹtí, bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe é o."

Òótọ́ ló sọ. Màámi ló pè é, èmi ni mo kọ ọ́: agolo ẹ̀wà mẹ́rin, agolo omi mẹ́rin. Torí pé kò sí agolo mílíìkì nílé rẹ̀, mo kọ "ife" dípò "agolo". Mo ṣáà rò pé bó bá ti jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ife tó bá wù ú ni kó lò.

Lọ́sàn-án mo gbé òṣùwọ̀n lọ bá Màámi, mo ní kí wọ́n wọn ẹ̀wà lójú mi. Wọ́n bù ú, ó ṣòkìtì lórí agolo. Gíráàmù 150. Mo fọwọ́ gbá òkìtì náà kúrò, ó ku 125. Omi kì í ṣòkìtì ní tirẹ̀. Mílílítà 160 ni agolo yẹn gbà. Ohun tí Màámi ń pè ní mẹ́rin-mẹ́rin, gíráàmù 600 ẹ̀wà àti mílílítà 640 omi ni.

Ọmọ wa lo ife ìwọ̀n oní-mílílítà 250, ó sì fi ọ̀bẹ gbá ojú ẹ̀wà dọ́gba. Ẹ̀wà rẹ̀ á tó gíráàmù 780, omi rẹ̀ lítà kan gbáko, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba mílílítà 830 ni ẹ̀wà yẹn fẹ́. Omi agolo kan ó lé díẹ̀ ti wọlé láìníwèé. Màámi rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀wà wo la máa ń wọ̀n tí a kì í fi lé e?"

Ata tún dá kún un. Mo ní kó fi ata pupa ńlá ọjà wọn rọ́pò tàtàṣé, mẹ́ta fún mẹ́ta. Ata yẹn nípọn, omi ló kún ara rẹ̀.

Mo tún un kọ lálẹ́ yìí, ní gíráàmù. Ata ńlá kan ààbọ̀ ni kó lò. Kó dá mílílítà 150 dúró nínú omi, kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀wà lílọ̀ yóò fi máa rọra ṣàn kúrò lórí ṣíbí. Abọ́ kéékèèké ni kó fi sè é, kó fi fọ́ìlì bo ojú wọn. Kó ki ọ̀bẹ bọ àárín, tó bá jáde láìsí ẹ̀wà tútù lára rẹ̀, ó ti jinná. Fọ́ìlì á dì í o, ṣùgbọ́n òórùn ewé eéran kò sí níbẹ̀. Mo kọ ìyẹn sí i, kó má bàa máa wá a kiri.

Ó ku iyọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni Màámi fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti sùn. Ó di ọ̀la kí n tó gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ ọwọ́ wọn.